Ojúgun Ọ̀gá Lambert

Fún ọdún márùn-ún ni Victorine fi ń gbàdúrà pé kí ọkùnrin kan ṣàìsàn. Kò gbàdúrà ikú sí i. Ohun tó ń fẹ́ ni àìsàn tí yóò gbé ọkùnrin náà wá síwájú òun, tí yóò mú un ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, tí yóò sì mú un bẹ òun. Kò sọ àdúrà yìí fún ìyá rẹ̀, nítorí ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tó bẹ̀rẹ̀ ní Porto-Novo ni ìyá náà, ó sì máa ń sọ pé ti Olúwa ni ẹ̀san.

Ní ọjọ́ Ajé kan láàárín oṣù kẹfà ọdún 1965, àdúrà náà gbà.

Victorine ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní Pobè. Òun ni igbákejì Bàbá Eustache, àgbàlagbà kan tó ti tọ́jú àwọn ọmọ-ogun ní bárékè àwọn Faransé fún ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó padà sílé. Lọ́jọ́ náà, Bàbá Eustache ti lọ sí Ìgànná láti lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́. Victorine nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin gíga kan tiro wọlé, fèrè onírin ń fì lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu," ni ọkùnrin náà wí. "Èmi ni Lambert, ọ̀gá tuntun fún eré ìdárayá ní agbègbè yìí. Sakété ni mo wà tẹ́lẹ̀."

Victorine mọ̀ ọ́n. Lambert ni kò mọ Victorine. Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ní ọdún 1960, nígbà tí Dàhòmẹ̀ fẹ́ gba òmìnira, Lambert ni olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ìwé kan ní Sakété. Ó kó àwọn ọmọ jọ fún eré sísá tí wọn yóò fi ṣe àjọyọ̀. Láyọ̀, àbúrò Victorine obìnrin, ọmọ Fádèyí ará Ita-Djèbou, wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, kò sì sá eré gidi kan rí ju èyí tí àwọn ọmọdé ń sá lọ. Ojoojúmọ́ ni Lambert ń mú wọn sáré lórí títì líle, láìwọ bàtà, láìsí ọjọ́ ìsinmi kankan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òun fúnra rẹ̀ kì í sáré. Orí kẹ̀kẹ́ ló máa ń wà, tí yóò máa fọn fèrè lẹ́yìn wọn. Nígbà tí Láyọ̀ sọ pé ojúgun ń dun òun, ó pè é ní ọ̀lẹ. Nígbà tí ọmọ náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó nà án, ó sì fi ìyípo mẹ́ta kún tirẹ̀. Ní ọjọ́ àjọyọ̀, níwájú gbogbo Sakété, egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún Láyọ̀ dá bí igi gbígbẹ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí ọkọ̀ tó gbé e dé Porto-Novo. Egungun náà so, ṣùgbọ́n ó so ní wíwọ́. Láyọ̀ kò lè rin ọ̀nà ilé-ìwé mọ́. Ó jókòó sílé ní Ita-Djèbou, ó ń fi ẹ̀rọ afọwọ́yí ránṣọ.

Ìdí nìyẹn tí Victorine fi kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú. Láti ọjọ́ tó sì ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Eustache, kò sí ìbéèrè kan nípa ojúgun tí kò bi í.

"Ẹ jókòó," ni Victorine wí. "Ẹ ká ṣòkòtò yín sókè."

Lambert jókòó. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Sú-prefẹ́, aṣojú ìjọba tó ń ṣàkóso agbègbè náà, ti pàṣẹ pé lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Pobè àti Sakété yóò bá ara wọn díje, kìlómítà méjìlá, tí yóò parí ní ọjà Sakété. Lambert ti dúró láàárín ìpàdé, ó ti sọ pé òun ni yóò gbé àsíá Pobè wọ Sakété níwájú gbogbo wọn. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá kìlómítà mẹ́jọ lójoojúmọ́ lórí títì pupa, nínú bàtà aláwọ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le bí pákó.

"Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ń sáré?"

"Èmi? Èmi ni mo ń kọ́ni."

Victorine fi àtàǹpàkò tẹ etí egungun náà láti inú, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Lambert mí kanlẹ̀. Ìrora náà gùn tó àtẹ́lẹwọ́ kan, ní apá ìsàlẹ̀ ojúgun, lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Kò sí ojú kan pàtó tó dùn ju ojú kejì lọ. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ kan fò, ó fò ó láìṣẹ́jú. Ó bi í nípa ìgbà tó ń dùn ún. Lambert ní ó máa ń dun òun bí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ara á móoru, á lọ, á tún padà wá bí òun bá dúró.

Ó ti yé Victorine. Egungun kò tíì sán. Ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló ń fa awọ tó bo egungun, egungun fúnra rẹ̀ sì ti ń rẹ̀ lábẹ́ ẹrù tí kò mọ̀ rí. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ ni egungun ń gba ìkọlù díẹ̀, ọjọ́ ìsinmi ló fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ìsinmi kò bá sí, ìbàjẹ́ á máa sáré ju àtúnṣe lọ. Ẹni tó bá dúró níbi tí Lambert dé yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á san. Ẹni tó bá ń fi agídí sá a lọ, ó lè débi tí Láyọ̀ dé.

"Ṣé ó burú?" ni Lambert béèrè. "Ṣé kí n dúró?"

Victorine wo fèrè tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kí ẹ dúró kẹ̀?" ó wí. "Ìrora díẹ̀ kọ́ ló ń dá ọkùnrin dúró. Ẹ máa sá a lọ. Bí ẹ bá ń sá a, á mọ́ yín lára."

Ó fi òróró kánfọ̀ ra ojúgun náà, ó fún un ní àsípírìn. Lambert dúpẹ́ gan-an, ó ní ẹni tó mọṣẹ́ ni Victorine.

Ní ọjọ́ Sátidé, Victorine wọ ọkọ̀ lọ sí Ita-Djèbou. Ó bá Láyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ó kù díẹ̀," ó wí. "Tó bá fi máa di ọjọ́ àjọyọ̀, ó ti dá. Níwájú gbogbo Sakété, gẹ́gẹ́ bí tìrẹ ṣe dá."

Láyọ̀ dá ọwọ́ ẹ̀rọ dúró. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni báyìí, ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń pẹ́ kí a tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "nígbà tí ẹsẹ̀ mi dá, kí làwọn èèyàn ṣe?"

"Wọ́n sunkún."

"Wọ́n sunkún. Wọ́n gbé mi. Obìnrin tí mi ò mọ̀ rí tú gèlè rẹ̀ fi dì mí lẹ́sẹ̀. Bí tirẹ̀ bá dá, wọn á sunkún fún un náà. Wọn á ní ó fi egungun rẹ̀ sin ìlú." Ó fa òwú já. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú rẹ̀. Ẹsẹ̀ dídá ti kéré jù. Mo fẹ́ kó wà ní odidi, kí ojú tì í ní odidi."

Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sí Pobè, Victorine kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Inú bí i pé àbúrò rẹ̀ kò dúpẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, nítorí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ohun tí fèrè Lambert ṣe.

Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tó kọ́kọ́ wá ni Lambert padà. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Eustache wà níbẹ̀.

"Kò lọ," ni Lambert wí. "Kódà ó ti burú sí i. Tẹ́lẹ̀ ó máa ń lọ bí ara mi bá móoru, báyìí kì í lọ mọ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ń dùn mí. Mo sì ń sá a lọ bí màdámú yìí ṣe ní kí n máa ṣe."

Bàbá Eustache yí ojú sí Victorine. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ ojúgun méjèèjì ní ìka dé ìka. Ẹsẹ̀ òsì dùn káàkiri bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ojú kan wà tó fẹ́ máa dùn ju ìyókù lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní kí Lambert fò. Lambert fò, ó fajú ro, ṣùgbọ́n ó balẹ̀.

"Ó ń dùn yín lóru bí ẹ bá sùn?"

"Rárá."

"Ọlọ́run yọ yín. Eré ti tán fún ìgbà díẹ̀. Bí ojú kan yìí bá ń le sí i, tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín níbi tí ẹ bá jókòó sí, Porto-Novo lẹ ń lọ kí wọ́n ya àwòrán egungun. Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì, kò gbọdọ̀ sí eré rárá. Ẹ rìn bí rírìn kò bá dùn yín."

"Ọ̀sẹ̀ méjì! Bàbá, àjọyọ̀ ń bọ̀!"

"Ẹ lè máa gun kẹ̀kẹ́," ni Victorine wí. "Kẹ̀kẹ́ kì í gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa."

Nígbà tí Lambert lọ, Bàbá Eustache ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ lo ní kó máa sáré?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ tó bi mí ní ọ̀ràn ojúgun títí ó fi sú mi? Mo sọ fún ọ nípa àwọn ọmọ-ogun tuntun tí ọ̀gá wọn ń lé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí a fi ń gbé wọn wá ní mẹ́rin mẹ́rin. O mọ̀, o sì sọ òdìkejì."

Victorine sọ ìtàn Láyọ̀ fún un. Kò sunkún. Bàbá Eustache gbọ́ ọ tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ó dùn mí," ó wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá tún ṣe èyí nínú ilé yìí, èmi fúnra mi ni n ó kọ lẹ́tà tí yóò lé ọ. Ìwọ lo ba ẹsẹ̀ yẹn jẹ́ sí i, ìwọ ni yóò tún un ṣe. Láti òní lọ, abẹ́ rẹ ni ọkùnrin yẹn wà títí yóò fi sáré láìsí ìrora. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wàá fi ìwé hàn mí. Ìgbésẹ̀ kan kò gbọdọ̀ fò."

Orí ìbáwí yìí ni Victorine ti rí ẹ̀san rẹ̀. Òun tó ti pinnu láti fi irọ́ ṣe ọkùnrin náà ní ibi wá rí i pé òtítọ́ gan-an yóò dùn ún jù. Ó ka àwọn ọjọ́ tó kù. Ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi. Lẹ́yìn náà, ìrìn pẹ̀lú eré díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tẹ̀lé ìlànà ní títọ́, láìfi wákàtí kan kún un, láìfi wákàtí kan yọ, ọ̀nà kankan kò sí tí Lambert yóò fi sá kìlómítà méjìlá ní ọjọ́ àjọyọ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Láyọ̀ wá sí Pobè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje, Lambert lè rin wákàtí kan láìsí ìrora. Bí wọ́n bá tẹ ojúgun rẹ̀, kò fa ẹsẹ̀ mọ́. Victorine mú un lọ sí etí ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ, níbi tí ilẹ̀ koríko tẹ́jú tó sì rọ̀. Ó ti mú kó ra bàtà aṣọ tó ní rọ́bà nísàlẹ̀. Lórí àpótí kan lábẹ́ igi ọ̀pẹ, ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó, aṣọ ìró bo ẹsẹ̀ rẹ̀, aago wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan.

"Ẹ fún un ní fèrè yín," ni Victorine wí. "Òun ni yóò máa sọ ìgbà tí ẹ máa sáré àti ìgbà tí ẹ máa rìn. Ìṣẹ́jú kan eré, ìṣẹ́jú méjì ìrìn, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ọ̀la, ìsinmi. Ọ̀túnla, ẹ padà wá. Bí ó bá dùn yín nínú eré, tàbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a máa padà sẹ́yìn. Bí kò bá dùn yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, a máa fi ìṣẹ́jú kan kún eré. A kì í fi ìyára kún un lọ́jọ́ tí a bá fi gígùn kún un."

"Ìṣẹ́jú kan!" ni Lambert wí. "Eré ọmọdé nìyí."

Láyọ̀ fọn fèrè.

Ọkùnrin náà sáré. Ó rìn. Ó sáré. Lẹ́yìn eré, Victorine mú un dúró létí ògiri, ó ní kó fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ gbéra sókè, kó sì sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lè lágbára láti gbé ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ọjọ́ díẹ̀, ọjọ́ kan eré, ọjọ́ kan ìsinmi. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, Láyọ̀ kì í sọ̀rọ̀. Fèrè nìkan ló ń fọn.

Ní ìgbà karùn-ún, ara Lambert ti yá. Fèrè ìrìn dún, ó sì kọ̀ láti dúró. Ó ń sá lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbé ọwọ́ sókè. Láyọ̀ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wá dìde lórí àpótí. Ó tiro wọ àárín koríko, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wọ́ síta bí ọwọ́ àdá, ó sì dúró sí ọ̀nà tí ọkùnrin náà yóò gbà.

Lambert dúró. Ó wo ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ni ọ́?"

"Láyọ̀, ọmọ Fádèyí. Ọ̀lẹ tí ẹ fún ní ìyípo mẹ́ta."

Lambert wo Victorine, ó tún wo Láyọ̀. Ìrísí àwọn méjèèjì jọra, kò sì kíyè sí i rí.

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn," ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò lè mọ èyí tó ń ṣe bí ẹni pé..."

"Ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló ń dùn wọ́n," ni Láyọ̀ wí. "Ẹ̀yin náà ti mọ bó ṣe ń dùn báyìí. Ṣé ọ̀lẹ ni yín?"

Lambert wo ojúgun ara rẹ̀.

"Ẹ máa rìn," ni Láyọ̀ wí. "Ìṣẹ́jú méjì kò tíì pé."

Lambert sì rìn.

Kò béèrè fún olùtọ́jú mìíràn, bí ó tilẹ̀ wu Victorine pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ kí òun lè rí ẹ̀sùn fi kàn án. Ó ń wá, ó ń gbọ́ràn, orí rẹ̀ ń wolẹ̀. Nígbà tí oṣù keje fi máa parí, eré ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kàn, pẹ̀lú ìrìn láàárín. Ó bẹ Victorine pé kó jẹ́ kí òun kópa, kódà bí òun bá máa jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Victorine ní rárá. Ó mú un lọ bá Bàbá Eustache, Bàbá Eustache wo ìwé, ó ní òótọ́ ni Victorine sọ.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ, ọjà Sakété kún. Kí àwọn sárésáré tó dé, sú-prefẹ́ gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè lé Lambert lọ́wọ́ pé kó sọ ìdí tí ẹlòmíràn fi gbé àsíá Pobè. Victorine àti Láyọ̀ jókòó síwájú. Gbogbo èèyàn rí i pé Lambert fẹ́ sọ nǹkan mìíràn: ó ti bẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ ètò àjọyọ̀ ti pọ̀ jù lọ́rùn òun. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí ti Láyọ̀. Ó já ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ojúgun ló ń dùn mí," ó wí. "Mo sáré jù, kí ara mi tó mọ̀ ọ́n. Ó dùn mí débi pé mi ò lè sáré."

Láti ẹ̀yìn pátápátá ni ohùn ọkùnrin kan ti jáde, ọ̀kan lára àwọn tó ti sáré níwájú kẹ̀kẹ́ Lambert rí.

"Ọ̀lẹ!"

Ẹlòmíràn gbà á. "Ọ̀lẹ!" Àwọn tí Lambert ti nà ní Sakété fún ọdún mẹ́jọ kò kéré, wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti ní ohùn. "Ọ̀lẹ! Ọ̀lẹ!" Ó kárí ọjà bí iná ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ sí i. Sú-prefẹ́ gbọwọ́ sókè, wọn kò gbọ́. Lambert dúró láàárín, ẹ̀rọ agbóhùnsókè wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tú gèlè fún un.

Láyọ̀ kò pariwo. Ó fọwọ́ lérán, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń jẹ oyin. Ara Victorine yá gágá. Kò purọ́ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí lẹ́yìn ọjọ́ náà: inú rẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Bàbá Eustache gbé fún un kò tíì parí, kò sì fi í sílẹ̀. Lambert ń wá sórí koríko ní oṣù kẹjọ, ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tó fi di àárín oṣù kẹwàá, ó ń sá kìlómítà márùn-ún ní ìdúró kan ṣoṣo, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, ojúgun rẹ̀ kò sì dùn ún lálẹ́ tàbí láàárọ̀. Victorine kọ ọ́ sínú ìwé, Bàbá Eustache sì fọwọ́ sí i pé ó ti san.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Lambert gun kẹ̀kẹ́ láti Pobè dé Ita-Djèbou. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Fádèyí àti ìyá àwọn ọmọ náà nínú àgbàlá. Ó ní ohun tí òun ṣe kò ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n láti ọdún yìí lọ, ọmọ tó bá sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun lábẹ́ òun yóò jókòó títí ẹsẹ̀ náà yóò fi san. Ìyá sunkún, ó sì dáríjì í lójú ẹsẹ̀. Fádèyí mi orí.

Láyọ̀ wà nínú yàrá, ó ń gán ẹnu aṣọ ọmọ kan. Victorine wọlé bá a.

"Ó wà níta. Ó ń bẹ̀ ọ́."

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀."

"Kí ni kí n sọ fún un?"

Láyọ̀ yí aṣọ náà padà, ó wo ojú abẹ́rẹ́.

"Wọ́n ní ó ń sá kìlómítà márùn-ún báyìí?"

"Márùn-ún."

"Láìsí ìrora?"

"Láìsí ìrora."

"Inú ń bí mi pé ẹ mọ iṣẹ́ yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ó fi òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́. Ẹ má fi nǹkan mìíràn kún un."

Victorine jáde, ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lambert dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó kí gbogbo wọn, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.